Àpò Gàrí Mélòó Ni A Ó Tà ní Sáà Tí Ń Bọ̀?

Gbafo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́wàá tí ó wà lábẹ́ ìlú Ìdáàṣà, ní ẹkùn àwọn Òkè. Níbẹ̀, bí i ti ibi gbogbo tí a ti ń yan gàrí tà, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà kì í dúró de ọjọ́ ọjà kí ó tó pinnu iye tí yóò yan. Ó ní láti kọ́kọ́ ra ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ó ní láti wá àwọn tí yóò bó o, kí ó san owó ẹ̀rọ tí yóò rin ín, kí ó sì ra igi ìdáná. Gbogbo owó yìí ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kí àpò gàrí kan ṣoṣo tó dé ọjà. Bí ó bá yan díẹ̀ jù, oníbàárà yóò lọ bá ẹlòmíràn. Bí ó bá yan púpọ̀ jù, gàrí yóò jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí a dá fún gbèsè kì í yẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí olówò kò lè sá fún: àpò mélòó ni a ó tà ní oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀? Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó máa ń dáhùn ìbéèrè yìí ní ìṣẹ́jú kan. FORECAST ni orúkọ rẹ̀. Ó ń wo ohun tí a ti tà sẹ́yìn, ó sì ń sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí a tà lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó yá kì í ṣe ìdáhùn tí ó dájú nígbà gbogbo. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yẹ ìdáhùn náà wò, kí ó tó fi owó tẹ̀lé e.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọdún méjì

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Gbafo tí wọ́n ń yan gàrí pọ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni ẹgbẹ́ yìí àti àwọn òǹkà rẹ̀. A tò wọ́n báyìí kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni. Òpin oṣù kẹfà ni a wà. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ yá owó láti ra ẹ̀gẹ́ fún oṣù keje, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Ká sọ pé 15 000 sẹ́fà ni ó ń lọ sórí àpò gàrí kan kí ó tó dé ọjà. Iye àpò tí wọ́n bá pinnu láti yan ni yóò sọ iye owó tí wọn yóò yá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kọ iye àpò tí wọ́n tà láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó pín ọdún kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni a ó máa pè ní sáà. Ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí:

Sáà 1, oṣù 7 sí oṣù 9: àpò 40
Sáà 2, oṣù 10 sí oṣù 12: àpò 44
Sáà 3, oṣù 1 sí oṣù 3: àpò 52
Sáà 4, oṣù 4 sí oṣù 6: àpò 64
Sáà 5, oṣù 7 sí oṣù 9: àpò 47
Sáà 6, oṣù 10 sí oṣù 12: àpò 49
Sáà 7, oṣù 1 sí oṣù 3: àpò 57
Sáà 8, oṣù 4 sí oṣù 6: àpò 71

Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ta àpò 200. Ní ọdún kejì, wọ́n ta àpò 224. Ó hàn pé ọjà wọn ń gbèrú. Sáà 9 ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà

Akọ̀wé ṣí ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ojú ìwé tí a fi ìlà pín sí àwọn àpótí kéékèèké. Àwọn àpótí tí ó tò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni òpó. Lẹ́tà ni a fi ń pe òpó kọ̀ọ̀kan, òǹkà ni a sì fi ń pe ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àpótí A2 ni èyí tí ó wà nínú òpó A, ní ẹsẹ kejì.

Ó kọ orúkọ sí ẹsẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó kọ òǹkà sáà, láti 1 dé 8, sínú òpó A, láti A2 dé A9. Ó kọ iye àpò sínú òpó B, láti B2 dé B9. Òǹkà nìkan ni ó kọ. Kò kọ “àpò 40”, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú àpótí pẹ̀lú òǹkà, ẹ̀rọ náà yóò ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀, kò sì ní lè fi ṣe ìṣirò. Ní ìkẹyìn, ó kọ 9 sínú A10, nítorí pé sáà 9 ni ó ń béèrè. Lẹ́yìn èyí, ó tẹ gbólóhùn yìí sínú B10:

```
=FORECAST(A10;B2:B9;A2:A9)
```

Lórí ẹ̀rọ tí a ṣètò sí èdè Faransé, bí èyí tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, orúkọ mìíràn ni irinṣẹ́ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe:

```
=PREVISION(A10;B2:B9;A2:A9)
```

Nǹkan mẹ́ta ni ó wà láàárín àkámọ́ náà, wọ́n sì ní ètò tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Èkíní ni sáà tí a fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Èkejì ni iye tí a ti tà. Ẹ̀kẹta ni àwọn sáà tí a tà wọ́n. Nígbà tí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ tán, kọ̀ǹpútà dáhùn pé 66,71. Ìyẹn sún mọ́ àpò 67.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ètò yìí. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ àwọn sáà ṣáájú iye àpò, ẹ̀rọ náà kò ní pariwo. Yóò kàn dáhùn pé -2,87. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè ta àpò gàrí tí kò tó òfo? Ìdáhùn tí kò bá ọgbọ́n orí mu báyìí ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ pé a ti gbé ọ̀kan sí ipò èkejì.

Ìlà tí ó wà lẹ́yìn ìdáhùn náà

Níbo ni 66,71 ti wá? Kí a tó lè mọ̀, a ní láti ya àwòrán. Akọ̀wé fi eku kọ̀ǹpútà kun òpó méjèèjì láti ẹsẹ 2 dé ẹsẹ 9. Ó tẹ `Insertion`, ó sì yan `Nuage de points`. Àmì mẹ́jọ hàn lójú àwòrán. Bí a bá ti ń lọ sí apá ọ̀tún ni sáà ń lọ síwájú. Bí àmì bá ti ga tó ni àpò tí a tà pọ̀ tó. Ó tẹ bọ́tìnì ọ̀tún eku lórí ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, ó yan `Ajouter une courbe de tendance`, ó sì yan `Linéaire`. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìlà tààrà kan gba àárín àwọn àmì náà kọjá, ó ń gòkè lọ sí apá ọ̀tún. Èyí ni a lè pè ní ìlà ìtẹ̀sí, nítorí pé ó ń fi ibi tí ọjà tẹ̀ sí hàn.

Ìlà náà kò gba orí gbogbo àmì kọjá. Kò sí ìlà tààrà tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àmì kan wà lókè rẹ̀, àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín àmì kan àti ìlà ni àṣìṣe ìlà náà ní sáà yẹn. Kọ̀ǹpútà máa ń mú àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yóò sì ro gbogbo wọn pọ̀. Nínú gbogbo ìlà tí a lè fà, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré jù lọ ni yóò mú. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ọ̀mọ̀wé ìṣirò ará Faransé kan, Adrien-Marie Legendre, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ní ọdún 1805, nínú ìwé tí ó kọ nípa bí a ṣe ń ṣírò ipa ọ̀nà àwọn ìràwọ̀ onírù.

Bí akọ̀wé bá fi àmì sí `Afficher l'équation sur le graphique`, yóò rí èyí lójú àwòrán:

```
y = 3,0476x + 39,286
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí àpò 39, ó sì ń fi àpò 3 àti díẹ̀ kún un ní sáà kọ̀ọ̀kan. Fún sáà 9, a ó fi 3,0476 lọ́nà 9, a ó sì ro 39,286 mọ́ ọn. 66,71 ni yóò jáde. Nítorí náà, FORECAST kò ní àṣírí kankan. Ńṣe ni ó kàn na ìlà ìtẹ̀sí náà síwájú ní ìgbésẹ̀ kan, tí ó sì ka ibi tí ó dé.

Kí ni R² ń sọ?

Ní abẹ́ ibi kan náà, akọ̀wé tún fi àmì sí `Afficher le coefficient de détermination (R²) sur le graphique`. Òǹkà mìíràn jáde: R² = 0,5106. A lè pè é ní òǹkà ìbámu, nítorí pé ó ń sọ bí ìlà náà ti bá àwọn àmì mu tó. Kì í kéré sí 0, kì í sì í ju 1 lọ. Bí gbogbo àmì bá wà lórí ìlà gan-an, 1 ni yóò jẹ́. Bí ìlà náà kò bá ràn wá lọ́wọ́ rárá, 0 ni yóò jẹ́.

Báwo ni a ṣe ń rí i? Ká sọ pé ẹnì kan kò mọ ohunkóhun nípa ìlà ìtẹ̀sí. Yóò kàn ro àpò ọdún méjèèjì pọ̀, ìyẹn 424, yóò pín in sí 8, yóò sì rí 53. Ní gbogbo ìgbà tí a bá bi í léèrè, 53 ni yóò máa sọ. Yóò ṣì í ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ àwọn àṣìṣe rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, tí a sì rò wọ́n pọ̀, a ó rí 764. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún ìlà ìtẹ̀sí, nǹkan bí 374 ni a ó rí. Ìlà náà ti mú 390 kúrò nínú 764. Pín 390 sí ọ̀nà 764, 0,51 ni yóò jáde. Ohun tí R² ń sọ kò ju èyí lọ: nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sáà kan àti òmíràn, ìlà náà ṣe àlàyé nǹkan bí ìdajì. Ìdajì yòókù ṣẹ́ kù tí ìlà náà kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka òǹkà yìí bí ẹni pé ó ń sọ pé àsọtẹ́lẹ̀ náà yóò ṣẹ ní ìgbà 51 nínú 100. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa sáà 9 rárá. Sáà 1 dé sáà 8 nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí pé àwọn nìkan ni ó mọ̀.

Ìdajì tí ìlà kò mọ̀

Nígbà tí R² bá kéré, iṣẹ́ tí ó kàn ni láti béèrè ohun tí ó wà nínú ìyókù náà. Ohun tí ó dára jù ni kí a wo àwọn àmì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a mọ èyí tí ó wà lókè ìlà àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Sáà 4 ga ju ìlà lọ ní nǹkan bí àpò 12 àti ààbọ̀. Sáà 8 ga jù ú lọ ní nǹkan bí àpò 7. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni sáà méjèèjì. Sáà 1 wà nísàlẹ̀ ìlà, sáà 5 náà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni àwọn méjèèjì yìí. Sáà 2 àti sáà 6, ìyẹn ìparí ọdún, wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ìdàrúdàpọ̀. Bí àwọn àṣìṣe bá ń ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún láìní ètò, a lè sọ pé orí ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí sáà kan náà bá ń ga ní ọdọọdún, tí òmíràn sì ń lọ sílẹ̀ ní ọdọọdún, nǹkan kan wà tí ó ń fà á.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ká sọ pé akọ̀wé gbé 67 náà dé iwájú ìyá ẹgbẹ́. Ìyá kò mọ kọ̀ǹpútà lò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nídìí ààrò.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ìwọ náà wo oṣù tí a wà. Àgbàdo tuntun ti ń bọ̀ lóko. Nígbà tí onílé bá ní àgbàdo tútù lẹ́yìnkùlé, ṣé gàrí ni yóò rà?”

“Ìyá, ẹ ṣeun,” ni akọ̀wé dáhùn. “Ohun tí ìwé ọdún tí ó kọjá sọ náà nìyẹn. 64 ni a tà kí àgbàdo tó dé, ó sì wá di 47.”

Ọ̀rọ̀ ìyá ni ó ṣe àlàyé ìdajì tí ìlà kò mọ̀. Kí àgbàdo tuntun tó jáde, oúnjẹ máa ń wọ́n nílé, àwọn ènìyàn a sì máa ra gàrí. Lẹ́yìn tí àgbàdo bá dé, ọjà gàrí a lọ sílẹ̀. Ìlà tààrà kò lè gòkè kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ohun mìíràn sì tún wà tí ó tan ìlà náà jẹ. Ìwé akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní sáà tí ọjà kò yá, ó sì parí ní sáà tí ọjà yá jù. Ìlà náà rí i pé a bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, a sì parí lókè, nítorí náà ó gòkè ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ka àsìkò mọ́ ìdàgbàsókè.

Fi sáà wé ìkejì rẹ̀

Ọ̀nà tí ó rọrùn wà láti yọ àsìkò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. A kò ní fi sáà 8 wé sáà 7 mọ́. A ó fi sáà kọ̀ọ̀kan wé sáà kan náà ní ọdún tí ó ṣáájú. Láti sáà 1 sí sáà 5, àpò 7 ni ó fi lé. Láti sáà 2 sí sáà 6, àpò 5 ni. Láti sáà 3 sí sáà 7, àpò 5 ni. Láti sáà 4 sí sáà 8, àpò 7 ni. Bí a bá ro 7, 5, 5 àti 7 pọ̀, tí a sì pín in sí mẹ́rin, àpò 6 ni yóò jáde. Ìdàgbàsókè gidi ẹgbẹ́ náà nìyẹn: àpò 6 lórí sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún kan sí èkejì.

Ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n ta àpò 47 ní oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ro 6 mọ́ ọn, 53 ni yóò jẹ́. FORECAST sọ pé 67. Ìyàtọ̀ àpò 14 ni ó wà láàárín wọn. Bí 15 000 sẹ́fà bá ń lọ sórí àpò kan, 210 000 sẹ́fà ni ẹgbẹ́ náà ìbá yá fún gàrí tí kò sí ẹni tí yóò rà á ní sáà yẹn.

Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni ó yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé? A kò ní láti dúró títí di oṣù kẹsàn-án kí a tó mọ̀. A lè dán wọn wò lórí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé fi ọwọ́ bo sáà 8, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì fi sáà 1 dé sáà 7 nìkan béèrè lọ́wọ́ FORECAST:

```
=PREVISION(8;B2:B8;A2:A8)
```

Kọ̀ǹpútà dáhùn pé 58,43. Àpò 71 ni wọ́n tà ní tòótọ́. Ìlà náà fi nǹkan bí àpò 13 kùnà. Nígbà náà, ó lo ọ̀nà kejì. Sáà 4 jẹ́ 64. Ìdàgbàsókè tí a ti mọ̀ títí di sáà 7 ni 7, 5 àti 5, tí ìpíndọ́gba wọn kò tó 6. Bí a bá rò ó mọ́ 64, a ó rí nǹkan bí 70. Àpò kan péré ni ó fi kùnà. Ìdánwò yìí sọ ju ohun tí R² lè sọ lọ, nítorí pé ó béèrè nípa sáà tí ìṣirò náà kò tíì rí.

Nígbà tí R² bá ga jù

Ẹnì kan lè rò pé ohun tí ó kù ni kí a wá R² tí ó ga. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ká sọ pé akọ̀wé mú sáà 1 àti sáà 5 nìkan, ó sì fa ìlà láàárín wọn. R² yóò jẹ́ 1, ìyẹn òǹkà tí ó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó fi hàn? Kò fi ohunkóhun hàn. Bí a bá fi àmì méjì sílẹ̀, ìlà tààrà kan kò ní ṣàì gba orí àwọn méjèèjì kọjá. Bí àmì bá ti kéré tó ni R² yóò ti rọrùn láti ga tó. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó máa béèrè nígbà tí a bá rí R² tí ó dára ni pé: àmì mélòó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀?

Àpẹẹrẹ ńlá kan wà nílé wa. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ètò ìkànìyàn ọdún 1979 rí ènìyàn 3 331 210. Ti ọdún 1992 rí 4 915 555. Ti ọdún 2002 rí 6 769 914. Bí a bá kọ ọdún mẹ́ta wọ̀nyí sínú òpó A, tí a kọ iye ènìyàn sínú òpó B, tí a sì fa ìlà ìtẹ̀sí, R² yóò jẹ́ nǹkan bí 0,99. Lójú ẹni, kò tún sí ìlà tí ó lè dára ju èyí lọ. Bí a bá wá béèrè lọ́wọ́ FORECAST nípa ọdún 2013, yóò dáhùn pé nǹkan bí 8 265 000. Ìkànìyàn ọdún 2013 wáyé, ó sì rí ènìyàn 10 008 749. Ìlà tí òǹkà ìbámu rẹ̀ jẹ́ 0,99 fi ènìyàn tí ó ju 1 700 000 lọ kùnà.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kì í pọ̀ sí i ní iye kan náà lọ́dọọdún. Bí ìdílé bá ti ń pọ̀ ni ọmọ tí a ń bí ń pọ̀. Ọ̀nà náà ń tẹ̀ sókè, ìlà tààrà kò sì lè tẹ̀. Láàárín ọdún 1979 sí 2002, ìtẹ̀sókè náà kéré lójú, nítorí náà R² kò fura. Nígbà tí a na ìlà náà dé ọdún 11 síwájú, àṣìṣe kékeré di ńlá. Láti inú èyí ni a ti lè rí ààlà FORECAST. Ìgbésẹ̀ kan síwájú lè dára. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú máa ń léwu, kódà bí R² bá sún mọ́ 1.

Ohun tí a ó kọ sínú ìwé

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹgbẹ́ tí ó wà ní Gbafo. Wọn yóò kọ 53 sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí àsọtẹ́lẹ̀ sáà 9. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ ro pé 53 gan-an ni yóò jẹ́. Láàárín ọdún méjì, ìdàgbàsókè wọn ti jẹ́ 5 nígbà kan, ó sì ti jẹ́ 7 nígbà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti rí sáà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí wọ́n yá owó tí wọn yóò lè san padà, kódà bí ó bá jẹ́ pé àpò 47 ti ọdún tí ó kọjá náà ni wọ́n tún tà.

Wọ́n tún ní láti ya ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò máa ń pọ̀ ní Ìdáàṣà fún ìrìn-àjò mímọ́ sí Arígbó. Bí èrò náà bá ń ra gàrí, ohun tí wọ́n rà ti wà nínú 40 àti nínú 47. A kò gbọ́dọ̀ tún rò ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà tuntun kan bá wá láti Kútọnu, tí ó sì san owó àpò 10 sílẹ̀, ìwé àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n. Èyí ni a lè fi ọwọ́ ara wa rò mọ́ 53.

Ní òpin oṣù kẹsàn-án, akọ̀wé yóò kọ iye tí wọ́n tà ní tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 53. Yóò kọ àlàfo tí ó wà láàárín wọn, yóò sì tún ìṣirò náà ṣe fún sáà 10. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dífá lọ́rọọrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti FORECAST. Àsọtẹ́lẹ̀ sáà kan kò wúlò fún sáà tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí òǹkà tuntun bá wọlé, a ó fa ìlà tuntun, a ó wo ibi tí àwọn àmì ṣubú sí, a ó sì bi ìyá ẹgbẹ́ léèrè ohun tí ó rí lóko, kí a tó lọ yá owó.